Ìwé Tó Pè É Wá Rojọ́, àti Ẹ̀bẹ̀ Bàbá Onílé

Bí ènìyàn bá gba ìwé ní àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ló gbà á. Gbogbo ilé ló gbà á. Ìwé iná ni o, ìwé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni o, kí ẹni tó ni ín tó kà á dé ìdajì, ará yàrá kejì á ti bèèrè pé kí ni wọ́n wí, ìyá tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà á sì ti fún un lésì. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Ó ní adùn tirẹ̀. Mi ò lè gbé ibi tí ènìyàn ti ń sunkún tí aládùúgbò kò ní gbọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé kan wà tó wọ ilé wa, tí ì bá dára kí ẹni tó ni ín jókòó tì í lóun nìkan. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ, mi ò ní sáré sọ ọ́, nítorí ohun tó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ gan-an, ìkánjú ni.

Ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Ilé ìkẹ́rù ńlá kan ni a ti ń ṣiṣẹ́, ní Warehouse Road ní Àpápá, èmi sì ni ṣíámánì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí a sì tún jọ ń gbé ilé kan náà. Bàbá onílé wa, àgbàlagbà Mùsùlùmí tó ti re Mẹ́kà bọ̀, ló fún un ní yàrá nígbà tó kọ́kọ́ dé Èkó tí kò mọ ẹnì kankan. Kò gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi ríṣẹ́. Òun ló bá a fẹ́ ìyàwó, òun ló sì sọ àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rẹ́ mi ń lọ. Tí ó bá ti fẹ́ kọjá lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà lórí ìjókòó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bàbá á sì fi ọ̀pá gbá a lẹ́yìn pẹ́ẹ́pẹ́, á ní, "Dìde, aṣọ iṣẹ́ rẹ ń gba iyanrìn, àwọn òyìnbó rẹ á ní o ń sùn sílẹ̀." Kò sí òyìnbó kankan níbi iṣẹ́ wa. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi ni kí ó máa gé síìlì kọ̀ntéńà. Síìlì ni irin kékeré tí wọ́n fi ń ti ẹnu kọ̀ntéńà láti òkè òkun wá, tó ní nọ́ńbà lára. Tí wọ́n bá ti gé e, kò ṣe é so padà mọ́. Òfin ni pé súpáfásọ̀ gbọ́dọ̀ dúró tì í, kí ó ka nọ́ńbà náà kí wọ́n tó gé e. Òfin nìyẹn o. Bí a ṣe ń ṣe é yàtọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá tò láti ẹnu géètì wa lọ títí, tí àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè tí wọ́n sì ń ṣépè, súpáfásọ̀ kì í sọ̀kalẹ̀. Á yọjú ní fèrèsé ọ́fíìsì òkè, á gbé ọwọ́ sókè, ọ̀rẹ́ mi á gé síìlì. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mánẹ́jà wa alára, nígbà tí òun ṣì jẹ́ súpáfásọ̀, ojú fèrèsé yẹn náà ló ti máa ń gbé ọwọ́ sí wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ti ṣú, wọ́n gbé kọ̀ntéńà mílíìkì kan wọlé. Ọ̀rẹ́ mi wòkè, ó rí ọwọ́ súpáfásọ̀, ó gé e. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù náà tán, páálí kò pé. Ẹni tó ni ẹrù bínú. Wọ́n bi súpáfásọ̀ léèrè, ó ní òun kò sí níbẹ̀, òun kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ. Wọ́n wo kámẹ́rà. Kámẹ́rà kò kọjú sí fèrèsé. Ẹnu kọ̀ntéńà ló kọjú sí. Ohun tó fi hàn ni ọ̀rẹ́ mi, òun nìkan, pẹ̀lú irin ìgé lọ́wọ́, tó gbójú sókè fìrí, tó sì gé síìlì.

Wọ́n fún un ní kúẹ́rì, ìyẹn ìwé tó ní kí ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó dáhùn pé súpáfásọ̀ ló gbé ọwọ́. Ìdáhùn náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ni ìwé kejì bá dé, èyí tí mò ń sọ yìí, ìwé tó pè é wá rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fún un. Ọmọbìnrin ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló pè é wọlé, ó ní kí ó fọwọ́ sí i pé ó ti gbà á. Ọ̀rẹ́ mi fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Mi ò fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀yin bàbá, fífọwọ́ sí i kò túmọ̀ sí pé ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi," ọmọbìnrin náà sọ. "Ó kàn túmọ̀ sí pé ìwé dé ọwọ́ yín ni."

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ tiyín."

Èmi ni mo sọ fún un pé kí ó fọwọ́ sí i. Tí kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fún un, ó kọ̀ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n dá kò sì ní yí padà. Ó fọwọ́ sí i. A jáde, a jókòó sórí páálẹ́ẹ̀tì onígi kan lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù, mo kà á fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Ó mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó ní kí n bá òun kà á.

Mo lè júwe ìwé náà títí dòní, torí mo ti bá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ka irú rẹ̀. Ìwé tó dára ni. Ó sọ ẹ̀sùn náà ní pàtó, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti ibi tó ṣẹlẹ̀: pé ó gé síìlì kọ̀ntéńà láìsí súpáfásọ̀ níbẹ̀, èyí tó lòdì sí ìwé òfin iṣẹ́. Kò sọ pé ó jalè. Kò sí ọ̀rọ̀ olè níbì kankan nínú rẹ̀. Ó sọ pé tí ẹ̀sùn náà bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó dárúkọ àwọn mẹ́ta tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, mánẹ́jà wa sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n so ẹ̀dà ohun tí súpáfásọ̀ kọ àti àwòrán kámẹ́rà mọ́ ọn. Ó ní òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè tẹ̀ lé e wá. Ó ní ó lè mú ẹlẹ́rìí wá. Ó fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti múra sílẹ̀, ó ní tí ọjọ́ náà kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ó kọ̀wé láti tọrọ òmíràn. Ní ìparí, ó ní ìbéèrè yòówù tó bá ní, ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ ni kí ó mú un lọ, kí ó má lọ bá ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀.

Mo ní, "Gbọ́. Ẹ̀sùn ni wọ́n kọ síbí, wọn ò tíì dájọ́. Ọjọ́ márùn-ún yìí, tìrẹ ni. A máa wá àwọn tó ti rí i tí wọ́n ń gbé ọwọ́ lójú fèrèsé. Mánẹ́jà wa sì wà nínú ìgbìmọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti gbé ọwọ́ rí. Òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù."

Ó ní, "Ṣíámánì, wọ́n ti kọ ọ́ pé wọ́n á lé mi."

"Wọ́n ní wọ́n lè lé ọ. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè, ọ̀tọ̀ ni wọ́n á."

"Ẹni tó bá ń pọ́n ọ̀bẹ tí kò ní fi pa ẹran, kí ló ń pọ́n ọn fún?"

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti yé e. Mo ní kí ó lọ sinmi, kí a pàdé níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Èmi kò sí nílé ní òpin ọ̀sẹ̀ náà. Òkú àna mi kan gbé mi lọ sí Abẹ́òkúta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló rò ó fún mi nígbà tó yá, bàbá onílé náà sì rò ó fún mi pẹ̀lú ìdùnnú.

Ó gbé ìwé délé. Ìyàwó rẹ̀ gbà á, ó kà á dé ibi tí wọ́n ti ní wọ́n lè lé e, kò kà á kọjá ibẹ̀ mọ́. Ó fi ìwé náà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Ìyá alákàrà, tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá ṣùgbọ́n tó ti di ara ilé, wọlé wá láti wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Dem no dey write big man letter for nothing. Make una go beg am now now, before im heart strong." Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá onílé. Bàbá ní kí wọ́n ka ìwé náà fún òun. Kí ni wọ́n kà? Wọ́n ka síìlì tí wọ́n gé. Wọ́n sọ fún un pé páálí mílíìkì kò pé. Bàbá mi orí rẹ̀.

"Mi ò bi ọ́ bóyá o ṣe é tàbí o ò ṣe é," bàbá sọ fún un. "Ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ọ̀gá rẹ ń bínú. Tí ọ̀gá bá ń bínú, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ ni."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Bàbá, Ṣíámánì ní ká dúró ná."

"Ṣíámánì gbọ́n. Ṣùgbọ́n Ṣíámánì kò tíì bímọ tó dàgbà tó ẹ. Wá aṣọ wọ̀."

Ẹ ò lè dá wa lẹ́bi fún un. Láàárín wa, ẹni tí wọ́n bá ń bínú sí ló ń bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀. Ọmọ máa ń bẹ bàbá rẹ̀ fún ohun tí kò ṣe, kí inú ilé lè tutù. Ìyàwó á kúnlẹ̀, ọkọ á ní ó ti tó, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá wádìí ẹni tó da omi ọbẹ̀ nù. Tí o bá lọ ń sọ pé "èmi kọ́" kí ìbínú tó rọlẹ̀, agídí ni wọ́n á kà á sí. Ẹ̀bẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbé síwájú, òótọ́ á tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé yẹn ti wá, wọ́n kì í tò ó bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n lọ bá mánẹ́jà nílé rẹ̀. Bàbá onílé ló ṣíwájú, pẹ̀lú agbádá funfun tó fi ń lọ kírun Jímọ̀. Ọ̀rẹ́ mi àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú alàgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mánẹ́jà kò retí wọn. Ọmọ Yorùbá lòun náà. Kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ arúgbó tó wọ agbádá. Ó ní kí wọ́n wọlé. Kí wọ́n tó jókòó, ọ̀rẹ́ mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ìyàwó rẹ̀ ti kúnlẹ̀.

Bàbá bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó ń korin. Ó ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ ọ́ jẹ kó má yí i lọ́wọ́. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ èṣù ni, ọ̀gá. Ẹ fojú fò ó. Èmi ni mo tọ́ ọ, ẹ fi í jì mí. Kò ní mú nǹkan oníǹkan mọ́ láéláé."

Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ ọ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Kò gbé orí sókè.

Nígbà tí mo dé láti Abẹ́òkúta, bàbá pè mí sẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn. "Ṣíámánì, a ti bá ọ ṣe é tán. Ọkùnrin yẹn gbọ́ wa. Ó fún wa lómi mu." Mo ní ẹ ṣé, bàbá. Mo wọ yàrá mi, mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, mánẹ́jà ránṣẹ́ pè mí. Kò bínú. Ó jọ ẹni tí kò sùn.

"Ṣíámánì, wọ́n wá sílé mi."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

"Mi ò lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn mọ́. Tí mo bá jókòó tí mo sì dá a sílẹ̀, wọ́n á bèèrè ohun tí bàbá yẹn gbé wá fún mi. Mo sì ti kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, nítorí tí mi ò bá kọ ọ́, tí ẹlòmíràn sì sọ ọ́, èmi náà á gba ìwé tèmi."

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ lè wá jẹ́rìí, nígbà náà? Ẹ kàn wá sọ pé wọ́n máa ń gbé ọwọ́ lójú fèrèsé. Ẹ̀yin náà gbé e rí."

Ó wo fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé mo jókòó bí adájọ́, mi ò nílò ẹni tó máa sọ ọ́ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí n lọ dìde kí n sọ pé èmi náà rú òfin, lẹ́yìn tí wọ́n ti wá dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ mi? Ṣíámánì, ẹ má jẹ́ kí èmi àti òun jọ pàdánù iṣẹ́."

Mi ò bínú sí i. Ó ń sọ òótọ́ ọkùnrin tó ní ọmọ nílé ìwé.

Ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ ṣe ohun tó yẹ. Wọ́n kọ ìwé mìíràn: ẹ̀sùn kan náà, orúkọ tuntun nínú ìgbìmọ̀ dípò mánẹ́jà, ọjọ́ tuntun, àti ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún mìíràn, nítorí ẹ̀rí tuntun ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì tọ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn rí i kí ó tó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀rí tuntun náà ni ohun tí mánẹ́jà kọ. Wọ́n so ó mọ́ ìwé náà. Ohun tí bàbá sọ wà níbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, láìsí orin, láìsí òwe: pé aṣojú òṣìṣẹ́ náà sọ pé iṣẹ́ èṣù ni, àti pé kò ní mú nǹkan oníǹkan mọ́. Òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

Lọ́tẹ̀ yìí a múra dáadáa. Mo rí àwọn alágbàrù méjì tí wọ́n gbà láti wá sọ pé àwọn ti rí ọwọ́ lójú fèrèsé lọ́pọ̀ ìgbà. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ gan-an, wọ́n wà nínú ọkọ̀, wọn kò rí i. Bàbá onílé fẹ́ bá wa lọ. Mo ṣàlàyé fún un pé òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ tàbí ẹgbẹ́ nìkan ni ìwé gbà láyè láti tẹ̀ lé e. Ó ní kò burú, òun á jókòó nílé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà òun.

Yàrá ìpàdé ní òkè ni wọ́n ti gbọ́ ọ, níbi tí a ti lè rí orí àwọn kọ̀ntéńà bíi ilé páànù. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì àgbà ló ṣe olórí ìgbìmọ̀. Kì í ṣe ọmọ ìlú wa, Gẹ̀ẹ́sì la sọ. Èmi ni mò ń yí i sí Yorùbá fún yín níbí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ka ẹ̀sùn sétí wa, ó bèèrè bóyá a ti rí gbogbo ìwé gbà, bóyá àkókò tó wa. Ó sọ fún mi pé mo lè gbẹnu sọ fún ọ̀rẹ́ mi, mo lè bi àwọn ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, mo lè ní kí a sinmi díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bá bi ọ̀rẹ́ mi, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn.

Súpáfásọ̀ wọlé, ó ní òun kò sí lójú fèrèsé. Mo bi í bóyá ó máa ń gbé ọwọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá gbé ọwọ́, ó lè jẹ́ pé mò ń kí ènìyàn." Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ bo ẹnu rẹ̀. Àwọn alágbàrù méjèèjì sọ tiwọn, ó sì dára. Mo rí i pé obìnrin náà ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń mi orí. Ní ìṣẹ́jú yẹn, mo rò pé a ti ń dé èbúté.

Lẹ́yìn náà ló mú ìwé mánẹ́jà.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé wa. Wọn kò fi ẹ̀sùn olè kàn yín, ìgbìmọ̀ yìí kò sì lè dá yín lẹ́jọ́ lórí ohun tí kò sí nínú ìwé tí a fi pè yín. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé súpáfásọ̀ ló ní kí ẹ gé e, òun sì ní rárá. Mo gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí màá gbàgbọ́. Nígbà tí bàbá yẹn ní iṣẹ́ èṣù ni, pé ẹ kò ní mú nǹkan oníǹkan mọ́, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ṣé òótọ́ ló sọ?"

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Mo mọ ìdáhùn náà. Ó wà lẹ́nu mi, mo sì gbọ́dọ̀ gbé e mì.

"Ẹ̀bẹ̀ ni bàbá ń bẹ̀," ó sọ.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe òótọ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ níbẹ̀ pé kì í ṣe òótọ́?"

"Mo dọ̀bálẹ̀ ni."

Obìnrin náà dúró. Ó ń retí kí ó parí rẹ̀. Lójú rẹ̀, gbólóhùn náà kò tíì parí. Lójú tiwa, ó ti parí.

Mo tọrọ ìsinmi díẹ̀. A jáde sórí àtẹ̀gùn. Mo ní, "Sọ fún wọn pé bàbá kò mọ ìdí ọ̀rọ̀, pé àṣìsọ ni."

"Kí n ní bàbá purọ́ mọ́ mi?"

"Mi ò ní kí o pè é ní òpùrọ́. Àṣìsọ ni mo wí."

"Ṣíámánì, ẹni tó bọ́ fìlà lórí ewú rẹ̀ torí mi. Kí n wá jókòó níwájú àlejò kí n máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe?"

A padà wọlé. Mo lo ẹ̀tọ́ mi láti sọ̀rọ̀ ìparí, mo sì ṣàlàyé bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Mo ní láàárín wa, ẹni tí wọ́n ń bá bẹ̀bẹ̀ kì í ta ko ẹni tó ń bá a bẹ̀bẹ̀. Tó bá ta kò ó, ó ti já ẹ̀bẹ̀ náà. Obìnrin náà gbọ́ mi, mo mọ̀ pé ó gbọ́. Ó bi ọ̀rẹ́ mi bóyá ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Bàbá sọ ohun tí bàbá mọ̀." Ìyẹn nìkan ni.

Ìwé ìdájọ́ jáde lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n gbà pé ó gé síìlì láìsí súpáfásọ̀. Wọ́n ní wọn kò rí ìdí láti gbà pé ẹnikẹ́ni fún un láṣẹ ní ọjọ́ yẹn. Wọ́n lé e. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, níwájú ọ̀gá mìíràn tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì mú ẹ̀rí tuntun wá tó bá ní.

Ẹ̀rí tuntun wà. Mo sáré lọ bá a. Mo ní, "Ó rọrùn. Kí bàbá kọ ìwé kan ṣoṣo. Kí ó kọ pé ìwọ kò sọ fún òun rí pé o mú nǹkan kan, pé òun fúnra òun ló sọ ohun tí òun sọ, bí àgbà ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Tó bá lè bá wa dé ibẹ̀ jẹ́rìí, á tún dára jù. Ibi tí wọ́n dì mú nìyẹn, ibẹ̀ náà la máa gbà yọ."

Ó ń tú bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ká aṣọ náà dáadáa, ó fi lé orí àga.

"Láti kọ ọ́, á gbọ́ ìdí rẹ̀," ó sọ.

"Á gbọ́ ọ."

"Á gbọ́ pé ẹnu òun ló lé mi."

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì tó ń ṣà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ọ̀rẹ́ mi wò ó, kò bínú. Ó ní, "Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ṣé èyí ló máa gbé lọ?" Obìnrin náà padà sídìí ìrẹsì rẹ̀. Ó ṣà á títí ó fi mọ́ tónítóní, ó sì tún dà á padà, ó tún ń ṣà á.

Mo tún lọ bá a lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Ó ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní sọ ọ́ fún bàbá. Mo kọ̀ títí, mo wá ṣèlérí. Ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá lọ. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, mo wà ní ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ọmọbìnrin ibẹ̀ sì bi mí bóyá mò ń retí ẹnì kan. Mo ní rárá.

Ó ríṣẹ́ nígbà tó yá, ní Ìjọra, níbi tí wọ́n ti ń ta táìsì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé. Ó ń bá wọn gbé e sínú ọkọ̀. Iṣẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń dùn ún. Mílíìkì tí ó sọnù, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlé sí títí dòní.

Bàbá onílé ṣì ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbà pé ẹ̀bẹ̀ òun ṣiṣẹ́. Ó sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá tẹ́tí: pé ọkọ̀ ọlọ́pàá ni wọn ì bá fi gbé ọmọ òun lọ, tí kì í bá ṣe pé òun tètè bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀, pé iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n orúkọ kò lọ. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tó tún ń sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ń jáde lọ sí Ìjọra, ó sì dọ̀bálẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe.

Bàbá fi ọ̀pá kàn án lẹ́yìn pẹ́ẹ́pẹ́. "Ṣé o rántí bí mo ṣe bá ọ bẹ ọkùnrin yẹn?"

"Mo rántí, bàbá."

"Ọjọ́ yẹn, mo ní o kò ní bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló gbà ọ́."

Ọ̀rẹ́ mi ṣì wà nílẹ̀. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ibi tí eruku táìsì kì í fọ̀ kúrò mọ́.

"Ẹ ṣé, bàbá," ó sọ. "Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa."

Ó dìde, ó gbọn iyanrìn àyà rẹ̀ nù, ó wò mí fìrí bí ẹni tó ń rán mi létí ìlérí mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.